Aláìsàn mi ní kí n ya fọ́tò. Ṣé ìyẹn tó láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí jọ́nà?

Dókítà Ṣọlá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí ní Ẹ̀pẹ́, ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà (mo ti yọ orúkọ ọjà náà kúrò, ẹ wo ìsàlẹ̀) lo pàrásítámọ́ọ̀lù méjì nítorí ẹ̀fọ́rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ètè ń ta á, ojú kan lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wú, ó pọ́n, ó wá dúdú roboto. Ó ní ó ti ṣe òun bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí, ojú kan náà, oògùn kan náà. Séptírìn la mọ̀ mọ́ irú èyí. Ti pàrásítámọ́ọ̀lù ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ fún jọ́nà ìṣègùn. Mo ya fọ́tò. Ó ní, "Ẹ yà á, dókítà." Kò tẹ ìka sí ìwé kankan, kò sì mọ̀wé kà. Kí ni kí n ṣe?

Báyọ̀ (nọ́ọ̀sì)
Kò le rárá. Ẹ fi dúdú bo ojú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ẹni ogójì ọdún, ẹ ní iṣu ló ń tà. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì
Èmi náà o! Bí mo bá ti lo Séptírìn, ètè mi á dúdú. Ìpara wo ni kí n fi pa á?

Apòògùn àgbà, Ìkòròdú
Ìyá Ìbejì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara. Ẹ má fẹnu kan Séptírìn mọ́, ẹ má sì gba Fansidá láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, torí ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú káàdì yín.

Dókítà, ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ ọjà yẹn kúrò lókè. Gbogbo wa níbí la ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ báyìí.

Báyọ̀, òótọ́ ni pé ká pa á mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má yí nǹkan padà. Bí ẹ bá yí ọjọ́ orí tàbí iṣẹ́, irọ́ ti wọ ìròyìn, ẹni tó bá sì ń ṣírò lórí rẹ̀ yóò ṣìnà. Ẹ fò ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ náà. Dúdú ojú kò sì fi ẹnikẹ́ni pamọ́: òrùka, ilà, ẹ̀gbà ọwọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò dá a mọ̀. Ẹ gé fọ́tò náà kù sí ibi tó dúdú nìkan, kí ẹ sì pa ọjọ́ àti ibi tí fónù kọ sínú rẹ̀ rẹ́.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé nìyí: orúkọ ilé ìwòsàn yín ni yóò wà lókè ìwé náà. Bí ẹ kò tilẹ̀ dárúkọ Ẹ̀pẹ́ nísàlẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ẹ má ṣèlérí fún ìyá pé kò sẹ́ni tí yóò mọ òun. Ẹ sọ pé ará ilé rẹ̀ lè dá a mọ̀, pé orí ẹ̀rọ ayélujára ni yóò wà, pé ó lè sọ pé òun ò ṣe mọ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n bó bá ti jáde, kò ṣeé kó padà. Kí ẹlòmíràn tí kì í tọ́jú rẹ̀ bá a sọ ọ́, kó má baà rò pé bí òun bá kọ̀, ìtọ́jú tán. Ẹ ka fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda fún un ní Yorùbá, ẹ fi fọ́tò hàn án, kí ó tẹ ìka níwájú ẹlẹ́rìí tó mọ̀wé. Fáìlì rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù náà ń gbé, ẹ má fi ránṣẹ́ sí jọ́nà àyàfi tí wọ́n bá béèrè.

Fọ́ọ̀mù aláwọ̀ òféèfé tí a fi ń ròyìn ìpalára oògùn fún NAFDAC kò dúró de gbogbo èyí. Ẹ kún un lónìí.

Dókítà Ṣọlá
Ẹ ṣeun, mà. Ẹja ńkọ́? Ṣé kí n fò ó?

Apòògùn àgbà, Ìkòròdú
Ibẹ̀ le. Ẹja àti omi rẹ̀ lè mú ọwọ́ sú, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò bèèrè. Nínú ìwọ̀n Nàránjò, tí a fi ń wò ó bóyá oògùn ló fa ìpalára, bí kò bá sí ìdí mìíràn, máàkì 2 lẹ ó fi kún un. Bó bá wà, ẹ ó yọ 1. Ètè tó ta á lẹ́ẹ̀kan náà ń gbè yín, torí ẹja kì í kan ètè. Ẹ bi í bóyá ó lo oògùn mìíràn pẹ̀lú, kéémíìsì máa ń di oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Ẹ má sì fún un ní pàrásítámọ́ọ̀lù láti fi dán an wò o.

Báyọ̀ (nọ́ọ̀sì)
"Ó ń fi ọwọ́ bọ omi níbi iṣẹ́" ńkọ́?

Apòògùn àgbà, Ìkòròdú
Ìyẹn ṣeé ṣe, Báyọ̀. Bóyá olóòtú máa gbà á, n kò lè búra.

Dókítà Ṣọlá
Mo padà dé. Nọ́ọ̀sì kan bá a sọ ọ́ níwájú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó gba ti ọwọ́, ó tẹ̀ka. Ó kọ ti ètè: ó ní ètè òun ni gbogbo oníbàárà ń wò. Mo ti pa fọ́tò ètè rẹ́ nínú fónù. Ó ní mo lè fi ẹnu lásán sọ pé ètè rẹ̀ ta á, n óò tún kà á fún un bí mo bá kọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ẹja ni ò tíì yé mi.