Ìkànnì wo ni mo lè gbára lé fún iye wúrà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ra àlòkù wúrà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, mo sì ń fi ìkànnì ọ̀fẹ́ méjì wéra. Iye ti èkíní kì í yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, nítorí náà mo gbà pé iye LBMA, tí wọ́n ń ṣètò ní London ní 10:30 àti 15:00, ló ń lò, kì í ṣe pé ó ń falẹ̀. Èkejì ń yí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tó ti ń rí i, kódà lọ́jọ́ Sátidé tí ọjà wà ní títì, ó ṣì ń kọ aago ìsinsìnyí sábẹ́ iye tó dúró sójú kan.

Ti náírà ló kọ mí lóminú jù. Mo pín iye ọ́ǹsì kan ní dọ́là sí ọ̀nà 31.1035 kí n lè rí ti gíráàmù kan, mo wá fi èyí pín iye náírà tí ìkànnì náà kọ fún gíráàmù kan náà. Ohun tó jáde ni iye tó ń ka dọ́là kan sí. Dọ́là ti yí lọ́jà, tirẹ̀ kò mira. Ṣé kí n kúkú máa mú iye dọ́là nìkan níbẹ̀, kí n sì fúnra mi ṣírò náírà, àbí ẹ mọ ìkànnì ọ̀fẹ́ tó ń kọ orísun àti àkókò méjèèjì síta?