Báwo ni kí n ṣe kọ ìkéde oúnjẹ òpin ọ̀sẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ni mo ti ń se oúnjẹ òde ìnáwó n'Íbàdàn. Ohun tí mo máa ń kọ sórí sítátọ́ọ̀sì Wọ́sáàpù mi ni: "Jọ̀lọ́ọ̀fù aládùn wà fún òde yín, ẹ kàn sí mi." Àwọn èèyàn á wò ó, wọ́n á bèèrè pé "Èló ni?", wọ́n á sì dákẹ́.

Mo wá kọ iye owó kúlà kan. Ìyẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀: màmá kan ní kúlà tòun ò tó èèyàn 50. Kóńgò ìrẹsì mẹ́rin ni mo sè o, àwọn tó ń bù ú ló ń bù ú gègèrè. Àwọn mìíràn á dúró di alẹ́ Jímọ́ọ̀ kí wọ́n tó béèrè oúnjẹ Sátidé, nígbà tí ọjà ti tú.

Èyí tí mo fẹ́ gbé síta láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé nìyí: "Jọ̀lọ́ọ̀fù kóńgò 4, àwo 50, ṣíbí ìbùrẹsì méjì lórí àwo kan. Ìdajì owó kó wọlé kí Ọjọ́bọ̀ tó ṣú."

Ṣé kí n fi kóńgò síbẹ̀, àbí iye àwo nìkan ti tó? Báwo lẹ sì ṣe máa ń kọ ti Ọjọ́bọ̀ yẹn tí kò fi ní dún bí ẹni ń jágbe mọ́ oníbàárà?