Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò yìí kí n tó gbé e síta

Àṣàkẹ́ Elélùbọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Elùbọ́ ni mo ń tà ní Bódìjà. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà mi ti ń ní kí n bá àwọn di ẹrù fún ọmọ àwọn ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, mo wá fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi báyìí. Mo ti ya fọ́tò páálí kan tí mo ṣí sílẹ̀, gbogbo ọjà wà nínú ọ̀rá, ó mọ́ tónítóní. Ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ará wa lókè òkun! Ìlú yòówù kí ẹ wà, a ó gbé oúnjẹ ilé wá bá yín. Elùbọ́, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀wà olóyin, ẹ̀gúsí, irú, ẹja àrọ̀, pọ̀nmọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà. Iye kan náà ni kílò kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ márùn-ún péré, ó ti dé ẹnu ọ̀nà yín. Kò sí wàhálà kankan!"

Ṣé ó dùn tó? Kí ni kí n fi kún un tí àwọn èèyàn á fi máa pè mí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ó dùn, Àǹtí. Ẹ kàn fi kún un pé "ẹ kò ní í san owó ibodè". Ẹ máa kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀bùn ni. Bí wọ́n bá ti rí i pé ẹ̀bùn ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Bàbá Ṣeun

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ọmọ mi wà ní Hústọ̀nù. Èló ni ẹ máa gbà lórí elùbọ́ díẹ̀ àti ẹja àrọ̀ tó tó páálí kékeré kan? Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní ọbẹ̀ ata tó ní ẹja àrọ̀ ló ń wu òun.

Alákàgò Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gbé e síta. Iṣẹ́ ẹrù òfúrufú ni mo ń ṣe, àwọn ọ̀rọ̀ tó dùn jù níbẹ̀ gan-an ló máa fa ìjà láàárín ẹ̀yin àti oníbàárà.

Ẹ kọ́kọ́ yọ "ìlú yòówù". Òfin Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, Bàbá Ṣeun sì ti fi hàn wá láìmọ̀. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń béèrè yẹn kò ṣeé gbé lọ sí Hústọ̀nù. Láti ọdún 2016 ni Amẹ́ríkà ti kó gbogbo ìdílé ẹja àrọ̀ sábẹ́ àwọn tó ń bójú tó ẹran, orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí nìkan ló lè kó o wọlé. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ó gbẹ o, kò gbẹ o, bí wọ́n bá ti ṣí páálí tí wọ́n rí irungbọ̀n rẹ̀, ó di tiwọn. Ẹja mìíràn tí kì í ṣe ìdílé àrọ̀ kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́, èèyàn lè mú ẹja gbígbẹ wọlé fún jíjẹ ara rẹ̀, kò sáà gbọ́dọ̀ kọjá 20 kílò. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ẹja àrọ̀", ó jẹ́ òótọ́ níbì kan, ó sì jẹ́ irọ́ níbòmíràn. Ìlú kan ni kí ẹ kọ̀wé fún. Bí ẹ bá fẹ́ ta ti Amẹ́ríkà, ẹ ya fọ́tò mìíràn, kí ẹ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ yọ ẹ̀wà. Láti ọdún 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀wà ń da sínú àpò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lára wọn nígbà náà, wọ́n kúrò tán, wọn ò sì ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ lè ní tiyín kò ní oògùn, ẹni tó jókòó síbi àyẹ̀wò kò mọ̀ yín. Pọ̀nmọ́ náà, ẹ yọ ọ́. Ara ẹran ni wọ́n kà á sí, ẹran àti wàrà láti ọ̀dọ̀ wa kò sì gbọ́dọ̀ wọlé rárá, ì báà ṣe èyí tí a ti yan. Bí ẹ bá fi pọ̀nmọ́ ẹyọ kan sáàárín elùbọ́, gbogbo páálí ló lè dúró síbẹ̀.

Àbúrò Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni òótọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹnì kejì, tí iye rẹ̀ kò ju 39 pọ́n-ùn lọ, kì í sanwó ibodè. Ṣùgbọ́n ohun tí Àǹtí gbowó lé lórí kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́. Bí àwọn aṣọ́bodè bá rí fọ́tò ìpolówó Àǹtí, tí wọ́n sì rí "ẹ̀bùn" lára páálí, irọ́ ni wọ́n máa pè é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ kò sí owó kankan tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi rí o.

Alákàgò Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n yín ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín mìíràn, ẹ̀bùn nìyẹn lóòótọ́. Ti ọlọ́jà ló yàtọ̀. Kódà, èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ kì í san owó orí ọjà ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ohun tó sábà máa ń bí oníbàárà nínú ni owó tí iléeṣẹ́ agbẹ́rù fúnra rẹ̀ ń gbà kó tó fa páálí lé e lọ́wọ́. Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kò sí nínú iye tí ẹ pè.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Àǹtí Àṣàkẹ́, oníbàárà ni mí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ìkíni àti ọ̀rọ̀ dídùn kọ́ ni mo ń wá nínú ìpolówó. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe di irú. Ẹnì kan fi irú tútù ránṣẹ́ sí mi nínú ọ̀rá kan ṣoṣo, ọ̀rá náà wú bíi bọ́ọ̀lù, ó bẹ́ sára gàrí. Irú tútù ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Bí ẹ bá ń sá irú wooro yín kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dì í, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni màá pè yín.

Ẹ̀gúsí náà ńkọ́? Èyí tí wọ́n ti lọ̀ kì í pẹ́ korò, màá yan olódidi. Bí kò bá sì gbẹ tó kó tó wọ ọ̀rá, á bu. Mo rí èyí tó ní eruku aláwọ̀ ewé lára, mo dà á nù, torí fífọ̀ kì í mú májèlé ibi tó bu kúrò. Ẹ̀gúsí tó gbẹ dáadáa máa ń dún pẹ́pẹ́ bí a bá ṣẹ́ ẹ, èyí tó tutù máa ń tẹ̀ ni. Bí ẹ bá lè ṣe fídíò kékeré kan níbi tí ẹ ti ń ṣẹ́ ẹ, ó sàn ju gbogbo "kò sí wàhálà" lọ.

Àṣàkẹ́ Elélùbọ́

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Ìbejì. Mò ń sá irú mi o. Alákàgò, ọ̀rọ̀ "iye kan náà ni kílò kọ̀ọ̀kan" ńkọ́? Kò sí nǹkan tí ẹ sọ nípa rẹ̀.

Alákàgò Ìkẹjà

Ibẹ̀ gan-an ni owó yín máa ń bọ́ lọ. Kì í ṣe ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n nìkan ni àwọn agbẹ́rù kíákíá ń wò, wọ́n ń wo àyè tí páálí gbà pẹ̀lú. Wọ́n á fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga, wọ́n á sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á fi 5000 pín in. Ẹ jẹ́ ká ní páálí yín jẹ́ 50 sí 40 sí 40, 80,000 nìyẹn. Bí ẹ bá fi 5000 pín in, kílò 16 ló jáde. Bí elùbọ́ àti ewédú gbígbẹ inú rẹ̀ bá wọn kílò 11 péré, owó kílò 16 ni ẹ máa san. Èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń gbà. Gàrí wúwo, kì í gba àyè; ewédú àti ẹja gbígbẹ ló ń jẹ àyè. Nítorí náà, ẹ má ta kílò. Ẹ ta páálí tó ní ìwọ̀n kan, kí ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ọjọ́ márùn-ún" náà, ẹ sọ ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Oníbàárà ń kà á láti ọjọ́ tó sanwó, ẹ̀yin ń kà á láti ọjọ́ tí ẹrù kúrò ní Èkó.

Bàbá Ṣeun

Ẹ ṣé, mo ti gbọ́. Ṣé mo lè fi edé rọ́pò ẹja àrọ̀ fún ìyàwó ọmọ mi?

Alákàgò Ìkẹjà

Edé kì í ṣe ìdílé àrọ̀, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi oúnjẹ tà ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ níbẹ̀ létí kí ẹrù tó dé. Ẹ bi agbẹ́rù yín bóyá wọ́n ń bá yín ṣe é.

Àṣàkẹ́ Elélùbọ́

Mo ti tún un kọ. Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni mo kọ ọ́ fún:

"Fún àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Páálí kan: elùbọ́ iṣu, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀gúsí olódidi, irú wooro tí a sá gbẹ, ata gígún, ewédú gbígbẹ. Ẹ̀yin lẹ máa yan iye ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ kó kún. A kì í gbé ẹ̀wà, pọ̀nmọ́ tàbí ẹran, torí wọn ò jẹ́ kó wọlé. Owó gbígbé wà nínú iye tí a pè. Owó tí wọ́n bá gbà níbi ibodè kò sí nínú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá láti ọjọ́ tí ẹrù bá kúrò ní Èkó, àyẹ̀wò ibodè lè fi ọjọ́ kún un. A ó fi fídíò páálí yín ránṣẹ́ sí yín kí a tó lẹ̀ ẹ́."

Mo yọ ẹja kúrò ná, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí i.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Háà, ẹ má yọ ẹja o! Ẹja ni èmi ń torí ẹ̀ ra páálí. Ṣebí wọ́n ní 20 kílò ni a lè gbà?

Alákàgò Ìkẹjà

Ti jíjẹ ara ẹni ni 20 kílò yẹn, Ìyá Ìbejì. Bí ẹ bá ra páálí kan fún ilé yín, mo rí àwọn tó kọjá. Bí Àǹtí bá kó ẹja ogún oníbàárà sínú ẹrù kan lórúkọ Àǹtí nìkan kí ẹnì kan máa pín in ní Pẹ́kámù, ọjà nìyẹn, wọ́n á béèrè ìwé ìlera ẹja. Èmi ò ní í kọ ẹja sábẹ́ fọ́tò.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Tí páálí kọ̀ọ̀kan bá wá ń lọ lórúkọ ẹni tó máa jẹ ẹ́ ńkọ́? Èmi rò pé ìyẹn dára. Wọ́n lè kọ "ẹ bi wá nípa ẹja" sísàlẹ̀.

Àṣàkẹ́ Elélùbọ́

Màá lọ bi àwọn tó ń gbé e fún mi kí n tó fi kún un. Ẹ jọ̀ọ́, iye rẹ̀ ńkọ́, ṣé náírà ni kí n pè é àbí pọ́n-ùn? Àwọn ìyá tó ń sanwó wà ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ́ wà lọ́hùn-ún.