Kí ni kí n kọ sí aládùúgbò mi ní Káírò tí bàbá rẹ̀ kú?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ǹlẹ́ o. Káírò ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Bàbá obìnrin tó ń gbé lókè wa kú láàárọ̀ yìí, wọ́n lé ní 80 ọdún. Mùsùlùmí ni wọ́n, Kìrìsìtẹ́nì ni èmi. Mo fẹ́ kọ̀wé sí i lórí Wasáàpù lédè Lárúbáwá. Nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀, mo bá a kẹ́dùn, mo ní bàbá ti dàgbà, wọ́n ti wà lọ́run, mo wá béèrè ohun tó ṣe wọ́n àti ọjọ́ ìnáwó. Ṣé ó dára?

Ọmọ Alfa: عظم الله أجركم ni kí ẹ kọ, pé kí Ọlọ́run sọ èrè yín di ńlá. Òun ni gbogbo Lárúbáwá ń kọ.

Àǹtí Káírò: Wọn á gbọ́ ọ, kò burú, àmọ́ ará Súúdì àti Síríà ló sábà máa ń bọ́ lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa níbí, البقاء لله ni, pé Ọlọ́run nìkan ló wà títí. Ẹ fi àdúrà kúkúrú kan tẹ̀ lé e, pé kí Ọlọ́run ṣàánú wọn, kó sì fún ẹbí ní sùúrù, ó tán:

```
البقاء لله. ربنا يرحمه ويصبركم
```

Ẹ wo يرحمه yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ ìyá ló kú, يرحمها ni. Àwọn tó ń da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ ló máa ń sọ bàbá di ìyá.

Ẹ yọ gbogbo ìyókù. Nílé, bí àgbà bá kú, "ẹ kú ìnáwó" dùn mọ́ ọmọ olóòkú, ọjọ́ orí la sì máa ń kọ́kọ́ béèrè. Níbí, wọ́n á tètè sin òkú, wọ́n á jókòó gbàlejò, wọ́n á ka Kùránì, wọ́n á sì gbé kọfí tí kò ní ṣúgà wá. Ẹni 90 ọdún náà, ọ̀fọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ní "ó ti dàgbà", ó dà bíi pé ẹ ní kó má sunkún mọ́. Ohun tó pa á, bó bá wù ú, á sọ. Mùsùlùmí kì í sì í fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnì kan ti wà lọ́run. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún un.

Bó bá dáhùn ونعم بالله, pé Ọlọ́run dára, ẹ má kọ nǹkan kan mọ́.

Bọ̀dé: Ọmọ ìjọ Kóbítì, ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Íjíbítì, ni onílé tèmi tó ṣaláìsí. البقية في حياتك ni mo kọ sí ọmọ rẹ̀, pé kí ìyókù wà nínú ẹ̀mí rẹ, ó sì dúpẹ́.

Ọmọ Alfa: Ọ̀pọ̀ alfa ò fẹ́ gbólóhùn yẹn. Ó dà bíi pé òkú fi ẹ̀mí kan ṣẹ́kù fún alààyè, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kú kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Bọ̀dé: Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ níbí, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì.

Àǹtí Káírò: Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ. Sí Kìrìsìtẹ́nì, ربنا يعزيكم ni èmi máa ń kọ ní tèmi, pé kí Ọlọ́run tù yín nínú.

Ìyá Ìbejì: Mo ti fi ránṣẹ́, ó ti dáhùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣé kí n gbé oúnjẹ gòkè lọ lónìí?

Àǹtí Káírò: Ẹ bi obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kì í ṣe ọmọ olóòkú, bóyá ẹnìkan ti ń dáná fún wọn. Ẹ sì lọ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, kí ẹ wọ dúdú.