Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi àtijọ́: báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti pé ọdún 7 tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti bára wa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Mo yá a lówó, kò rí i san lásìkò, ni mo bá fi ìbínú pè é ní olè lójú àwọn ọ̀rẹ́ wa. Ó padà san gbogbo rẹ̀ pé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ owó ti tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni kò tán.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i tí mo sì pa á rẹ́. Ti àkọ́kọ́ gùn. Mo ń ṣàlàyé ìdí tí mo fi bínú, àfi bí ẹni tó tún ń rojọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí nìyí: "Mo pè ọ́ ní olè lójú àwọn èèyàn. Irọ́ ni, mo sì dójú tì ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Kò pọn dandan kí o fèsì."

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé gbangba ni mo ti bú u, ìkọ̀kọ̀ ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀ ẹ́. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀rẹ́ wa kan fẹ́ bá mi bẹ̀ ẹ́, àmọ́ mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo kó èèyàn tì í. Bí kò bá fèsì ńkọ́, ṣé kí n tún kọ ọ́ ni? Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣẹ̀ rí, kí lẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ yín?