Kí la ó pe àkókò yípo kan nínú eré máìlì?

“Ìwé kékeré ni mò ń kọ fún àwọn ọmọ tó ń sá eré máìlì kan. Ọmọ tó bá fẹ́ fi ìṣẹ́jú 5 parí, a ó pín àkókò náà sí yípo mẹ́rin. Kí la ó pe ìkọ̀ọ̀kan? Mo kọ ‘ìdámẹ́rin àkókò’, kò dùn ún gbọ́.”

Ìyá Ìbejì: Ẹ pè é ní ìpín yípo. Ìdámẹ́rin gbọ́dọ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n ìpín lè yàtọ̀ síra.

Bàbá Oníṣirò: Kí ló dé tí kò fi ní dọ́gba? Ìṣẹ́jú 5 jẹ́ àáyá 300. Pín in sí mẹ́rin, 75 ni. Ìdámẹ́rin náà nìyẹn.

Kóòṣì: Bàbá, 75 yín pé lórí pápá àtijọ́ tí yípo rẹ̀ jẹ́ yáàdì 440. Mítà 400 ni ti òde òní. Tí ọmọ bá sá yípo mẹ́rin, ó ku mítà 9 àti díẹ̀ kí máìlì tó pé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilà ìparí. Ọmọ tó bá ń fi 75 gan-an sá yípo kọ̀ọ̀kan á parí ní nǹkan bí 5:01.75. Kó tó lè bá ìṣẹ́jú 5 mu, yípo rẹ̀ ní láti jẹ́ 74.6, aago yóò sì ka 1:16.3 nígbà tó bá parí yípo kìíní, torí àáyá 1.7 ti lọ kó tó dé ilà rárá.

Ìyá Ìbejì jàre. Nígbà tí Roger Bannister, eléré ìje ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi 3:59.4 sá máìlì kan ní Oxford lọ́dún 1954, ìdọ́gba ì bá jẹ́ 59.85. Ohun tó sá ni 57.5, 60.7, 62.3 àti 58.9. Ìpín ni èyí tí a gbèrò. Èyí tí aago kà, ẹ jẹ́ ká pè é ní àkókò yípo.

Ìyá Ọlọ́mọge: Ẹ jọ̀ọ́, 1500 lọmọ tèmi ń sá, ìṣẹ́jú 5 náà ló ń wá. Ṣé 75 ni?

Kóòṣì: Rárá o, mà. Mítà 300 ló kọ́kọ́ sá dé ilà, ìyẹn àáyá 60, lẹ́yìn náà yípo mẹ́ta, 80, 80, 80. Kò tiẹ̀ sí ìdámẹ́rin níbẹ̀.

Bàbá Oníṣirò: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ pé “75 ni ìpín rẹ”, á rò pé láti ọ̀run ló ti yàn án wá. Òṣùwọ̀n yípo ńkọ́?

Kóòṣì: Òṣùwọ̀n gùn díẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́bàá pápá, n kò lè pariwo “mẹ́rìndínlọ́gọ́rin” tán kí ọmọ tó kọjá. “Ó lé kan!” tàbí “Ó dín méjì!” ni mò ń ké, ó sì ń yé wọn. Bóyá èyí tó lé náà ló yẹ ká kọ́kọ́ wá orúkọ fún.

Ìyá Ìbejì: Èlé ńkọ́?