Àtakò ni tàbí ìkọminú? Àkọlé mẹ́rin fún àkópọ̀ ìpè ọjà

Fọlákẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn tó ń bá wa tajà máa ń bá ẹni tó ń wá ọjà sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún bí ogójì ìṣẹ́jú, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń wá gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé kan lábẹ́ àkọlé mẹ́rin: Àìní, Àtakò, Àmì Owó, Àdéhùn. Àmọ́ àwọn mẹ́ta gbọ́ ìpè kan náà, wọ́n sì kọ ohun tó yàtọ̀ síra. Ẹni tó fẹ́ rà sọ pé, "Owó ọdún yìí ti há, àfi tí ọdún bá yí." Ọ̀kan kọ ọ́ sí Àtakò, èkejì kọ ọ́ sí Àmì Owó, ẹ̀kẹta ò kọ ọ́ rárá. Ṣé àwọn ọ̀rọ̀ tí mo lò ló ń ṣì wọ́n lọ́nà?

Alàgbà Adéoyè: Fọlákẹ́, Àìní ni kó o kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹni tá a bá ní ó wà nínú àìní, òtòṣì la pè é. "Ohun Tó Nílò" ló tọ́. Àtakò ní tiẹ̀ kò lábùkù: ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tìẹ ti ta kò ọ́ nìyẹn.

Ìyá Tóbi: Èmi náà mọ wàhálà yìí dáadáa. Tí oníbàárà bá pè mí pé ọjà tí òun rà ti bàjẹ́, "Ẹ̀sùn" ni mo máa ń kọ sókè, màá wá kọ "Ojútùú" sísàlẹ̀. Ẹ lo Ẹ̀sùn, kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú.

Fọlákẹ́: Ẹ ṣé mà. Àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ yìí ò tíì ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa ni o, wọn ò tíì ní ẹ̀sùn.

Bọ̀dé: Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ jẹ́ ká rí ohun tí ẹni yẹn sọ gan-an, ká tó jà lórí orúkọ.

Fọlákẹ́: Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ni. Díẹ̀ rèé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀:

"A fẹ́ sọ́fítíwíà tó lè fi ẹ̀rọ ka àmì ara páálí."
"Iye ọjà tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti èyí tó wà nílẹ̀ kì í dọ́gba. Tí oṣù bá ń parí, ọjọ́ méjì gbáko la fi ń tún un kà."
"A ti ra irú ẹ̀ rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ò lò ó, wọ́n padà sídìí ìwé."
"Owó ọdún yìí ti há, àfi tí ọdún bá yí. Èyí tó bá ju agbára mi lọ, ọ̀gá ìnáwó ló ń fọwọ́ sí i."
"Ẹ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, a ó wò ó."
"Tó bá di Ọjọ́bọ̀, n ó pe ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà wa, kẹ́ ẹ fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn án."

Bọ̀dé: Ẹ ṣeun. Alàgbà, mo fara mọ́ yín lórí Àìní, ṣùgbọ́n "Ohun Tó Nílò" náà á ṣì wọ́n lọ́nà. Wọ́n á kọ ẹ̀rọ tó ń ka páálí, torí òun ló kọ́kọ́ dárúkọ. Oògùn tó ti yàn fúnra rẹ̀ nìyẹn. Àìsàn ibẹ̀ ni iye tí kì í dọ́gba àti ọjọ́ méjì tó ń bá ìkàtúnkà lọ lóṣooṣù. Tí àkópọ̀ bá gbé ẹ̀rọ nìkan, ẹni tó máa kọ̀wé iye owó á bá ẹlòmíì díje lórí ẹ̀rọ, kò sì ní rántí ọjọ́ méjì yẹn mọ́. Èmi á kọ "Ìṣòro Tó Fẹ́ Yanjú", kí ohun tó béèrè wà lábẹ́ rẹ̀.

Àtakò ni mi ò lè gbà. Ẹni tó ní òun ti ra irú ẹ̀ rí kò bá wa jà. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ló sọ jáde, ìkọminú sì lọ̀rọ̀ náà. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ka "àtakò" nínú ìwé ẹnì kejì rẹ̀, tó wá lọ sí ìpàdé tó tẹ̀ lé e bí ẹni ń lọ síwájú adájọ́. Ìdáhùn mẹ́fà ló gbé lọ fún ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló tó: kí ló dé tí àwọn òṣìṣẹ́ ò fi lo ti àkọ́kọ́?

Lábẹ́ Ìkọminú, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ohun tá a fi dá a lóhùn, àti bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń fò. Tó bá kàn ní "ó dáa" tó sì yí ọ̀rọ̀ padà, kò tíì yanjú nìyẹn.

Akin: Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé, ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Lójú tèmi, ẹni tó bá ti béèrè "èló ni?" ti fi hàn pé owó ń bẹ lọ́wọ́ òun. Òun ni àmì tó lágbára jù.

Bọ̀dé: Ẹni tó fẹ́ mú iye wa lọ fi bá ẹlòmíì dúnàádúrà náà máa ń béèrè. Èló ni wọ́n ń ná lórí ìṣòro náà báyìí, ta ló ń fọwọ́ sí i, ìgbà wo ni ọdún ìnáwó wọn yí? Àwọn yẹn ló ní ìtumọ̀. Méjì nínú rẹ̀ wà lẹ́nu ẹni tí Àǹtí sọ yìí: ìgbà, àti ọ̀gá ìnáwó. Ẹ kíyè sí i pé kò dárúkọ iye kankan, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye tó rò lọ́kàn ara rẹ̀ dí àyè yẹn.

Alàgbà Adéoyè: Ẹ jọ̀ọ́, "àmì owó" kò ṣeé lò níbẹ̀. Àmì tí a ń kọ síwájú iye owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn á rò. Mo ronú kan "Ipa Owó".

Akin: Bàbá, ipa owó kọ́ ni ohun tí owó ń fi ojú èèyàn rí?

Alàgbà Adéoyè: O rẹ́rìn-ín, àmọ́ o rí i sọ. Ẹ jẹ́ ká fi "Ọ̀rọ̀ Owó" sílẹ̀ ná.

Fọlákẹ́: "Owó ọdún yìí ti há" wá ńkọ́? Ibo ló ń lọ?

Bọ̀dé: Ọ̀rọ̀ Owó. Kó tó di ìkọminú, ẹni tó ń tajà ì bá ti bi í pé: "Ká ní owó wà lónìí, ṣé ẹ máa bẹ̀rẹ̀?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà nìkan ló kù. Tó bá ń lọ́ tìkọ̀, nǹkan mìíràn ló fi owó bò mọ́lẹ̀. Tí wọn ò bá bi í, kí wọ́n kọ "a ò bi í" síbẹ̀.

Alàgbà Adéoyè: Èmi ò gbà. Ẹni tó ní "àfi tí ọdún bá yí" ti dá iṣẹ́ dúró. Kí wọ́n kọ ọ́ síbi méjèèjì.

Bọ̀dé: Tó bá wà níbi méjì, Alàgbà, ẹni tó ń kà á á rò pé nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀.

Fọlákẹ́: Èyí á gba ìpàdé. Àdéhùn ńkọ́? Àwọn agbẹjọ́rò wa ń fajú ro sí i, wọ́n ní ó dún bí ìwé tí a ti fọwọ́ sí.

Bọ̀dé: Ìfẹnukò. Ohun tí ẹnu àwa méjèèjì kò lé lórí: ta ló máa ṣe é, kí ló máa ṣe, ìgbà wo. Ọjọ́bọ̀ wọlé, torí òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ pe ẹni kọ̀ǹpútà wá. Kí wọ́n sì kọ wákàtí tí wọ́n bá mú un. "Ẹ fi ìwé ránṣẹ́, a ó wò ó" kò wọlé. Iṣẹ́ tiwa nìkan nìyẹn, òun ò ṣèlérí ohun kan.

Ìyá Tóbi: Ìfẹnukò là ń lò nínú ẹgbẹ́ wa náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá dìbò ni o.

Bọ̀dé: Ìyá wa, méjì ni wá lórí fóònù, kò sí ìbò. Nǹkan kan ṣì kù, Àǹtí: ó yẹ kẹ́ ẹ fi Ìṣòro, Ìkọminú àti Ìfẹnukò ránṣẹ́ sí ẹni náà lọ́jọ́ kan náà, kó tún ibi tá a bá ti ṣì í gbọ́ ṣe. Ẹ má fi Ọ̀rọ̀ Owó sí i. Nítorí náà, kí àkọlé tí òun máa rí jẹ́ èyí tí kò ní bí i nínú.

Alàgbà Adéoyè: Tó bá jẹ́ pé òun náà á kà á, mo yọwọ́ lórí Àtakò. Ti ibi méjèèjì yẹn, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.